Ìnáwó Tí Owó Kò Bá Jáde: Lórí Ọ̀rọ̀ Náà "Ìdínkù Iye Ẹ̀rọ"

Nínú ìwé èrè àti àdánù tí mo máa ń ṣe fún àwọn oníṣòwò kéékèèké, ìlà kan wà tí ẹni tó ni iṣẹ́ kì í gbójú fò. Ó ti rí owó bébà, owó íńkì, owó dísù, owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ àti owó ilé. Gbogbo wọn ló rántí ọjọ́ tó san wọ́n àti ẹni tó san án fún. Lẹ́yìn wọn ló máa kan "ìdínkù iye ẹ̀rọ, 1,000,000 náírà", láàárín àwọn ìnáwó yòókù. Ohun tó máa ń bi mí kì í yàtọ̀: "Ta ni mo san èyí fún?"

Kò san án fún ẹnikẹ́ni lọ́dún yẹn. Ìbéèrè rẹ̀ tọ̀nà, ọ̀rọ̀ tí a fi ń pe gbogbo ìlà wọ̀nyẹn ló sì fà á. Ìnáwó: "ná" àti "owó" ló so pọ̀ di í. Bí a bá ní ẹnì kan náwó, owó ti kúrò lápò rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun tí oníṣirò owó ń wá nínú ìwé èrè àti àdánù fẹ̀ ju owó tó jáde lọ. Ó fẹ́ mọ gbogbo ohun ìní iṣẹ́ náà tó run kí owó ọdún yìí tó lè wọlé. Bébà tí a rà tí a sì tẹ̀ lóṣù kan náà kò dá wàhálà sílẹ̀, nítorí ìgbà tí owó rẹ̀ jáde àti ìgbà tó run kò jìnnà síra. Orí ẹ̀rọ ni ọ̀nà ti pínyà. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni owó ẹ̀rọ jáde, ìlò rẹ̀ á sì fi ọdún gbọọrọ máa bá a lọ.

Ọ̀rọ̀ kejì, ìdínkù, ló ṣàlàyé ohun tí ìnáwó fi pa mọ́. Ẹ gbọ́ bí a ṣe ń ka ẹyọ. Méjìdínlógún: ogún tí méjì dín nínú rẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ kan yìí, ogún ṣì wà lódindi, méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, a sì mọ ohun tó kù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kó ẹyọ méjì sọnù níbì kan. Ìwé owó ń ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ sí ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ tí a rà ní 6,000,000 náírà kì í kúrò ní 6,000,000 nínú ìwé títí ọjọ́ tí a ó tà á. Ìlà kan wà lábẹ́ rẹ̀ tó ń jẹ́ àpapọ̀ ìdínkù, òun ló ń ga sí i lọ́dọọdún. Ẹ̀yìn ọdún kejì, bí ó bá jẹ́ mílíọ̀nù kan la ń dín lọ́dún, ohun tí a ó kà ni 6,000,000 tí 2,000,000 dín nínú rẹ̀, ó ku 4,000,000. "Kù" tó wà nínú dínkù ti rí iṣẹ́ ṣe nìyẹn: 4,000,000 yìí ni apá owó ẹ̀rọ tí a kò tíì kà mọ́ ìnáwó ọdún kankan.

Ẹni tó bá fẹ́ rí i dájú, kó tọ ipasẹ̀ rẹ̀ nínú ìwé. Ìlà méjì péré ni oníṣirò owó kọ sí lọ́jọ́ tó ṣe ìdínkù: ìlà ìnáwó ọdún náà, àti ìlà àpapọ̀ ìdínkù. Kò kan ìwé tí a ń kọ owó tó wọlé àti owó tó jáde sí rárá. Bí a bá sì gba àkọsílẹ̀ báǹkì láti oṣù kìíní dé oṣù kejìlá, a kò ní rí i níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú oníṣẹ́ ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú, àdúgbò tí gbogbo Èkó mọ̀ mọ́ iṣẹ́ ìtẹ̀wé. Ká ní ó ra ẹ̀rọ tòkunbọ̀ kan ní mílíọ̀nù mẹ́fà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022. Òun àti mẹkáníìkì rẹ̀ gbà pé yóò ṣiṣẹ́ ọdún márùn-ún, pé lẹ́yìn náà wọn á lè tà á fún àwọn tó ń tú ẹ̀rọ ní mílíọ̀nù kan. Mílíọ̀nù márùn-ún tó wà láàárín ni ọdún márùn-ún yóò jọ pín, mílíọ̀nù kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan. Ká tún ní owó tó ń wọlé fún un jẹ́ 14,000,000 lọ́dún, tí èyí tó ń san jáde lórí bébà, íńkì, pílétì, dísù, owó oṣù àti owó ilé jẹ́ 11,800,000. Owó tó ń kù lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún jẹ́ 2,200,000.

Bí a bá fi àpò nìkan ṣe ìwọ̀n, ọdún àkọ́kọ́ burú jáì: 2,200,000 wọlé, mílíọ̀nù mẹ́fà jáde lórí ẹ̀rọ, owó tó jáde sì fi 3,800,000 ju èyí tó wọlé lọ. Ọdún mẹ́rin tó tẹ̀ lé e á wá dà bí ìgbà ọ̀pọ̀, nítorí ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ bí ẹni pé ọ̀fẹ́ ni wọ́n gbé e fún un. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ tó ṣe lọ́dún kìíní kò yàtọ̀ sí ti ọdún kẹta. Ìwé èrè àti àdánù kọ̀ láti pa irọ́ yẹn. Ó yọ mílíọ̀nù kan lọ́dọọdún, ó sì ní èrè ọdún kọ̀ọ̀kan jẹ́ 1,200,000.

Ẹ wá wo gbogbo ọdún márààrún pọ̀. Èrè inú ìwé jẹ́ 1,200,000 lọ́nà márùn-ún, ìyẹn mílíọ̀nù mẹ́fà. Nínú àpò, 2,200,000 lọ́nà márùn-ún jẹ́ mílíọ̀nù mọ́kànlá. Ẹ yọ mẹ́fà tó fi ra ẹ̀rọ, ẹ fi mílíọ̀nù kan tó rí nígbà tó tà á kún un, ó di mílíọ̀nù mẹ́fà. Ìwé àti àpò bára mu láìku kọ́bọ̀. Òdodo ni pé owó ẹ̀rọ jáde, kò sì jáde lẹ́ẹ̀mejì. Ọdún tí a ó kà á mọ́ nìkan ni ìdínkù ń bá wa yàn. Ìdí nìyẹn tí inú mi kì í fi dùn sí àwọn tó máa ń sọ fún oníṣòwò pé kó má dá ìlà náà lóhùn, pé "owó orí ìwé lásán ni". Oníṣẹ́ ìtẹ̀wé yìí tó bá ń gbé 2,200,000 lọ sílé lọ́dọọdún pé èrè òun ni, mílíọ̀nù mọ́kànlá ló máa ná. Mẹ́fà péré nínú rẹ̀ ni èrè. Ẹ̀rọ ló jẹ ìyókù.

Ọ̀rọ̀ tó tún ń ṣini lọ́nà nínú orúkọ yìí ni "iye". A gbọ́ ìdínkù iye, a sì rò pé oníṣirò owó lọ bèèrè ní ọjà, ó gbọ́ pé owó ẹ̀rọ ti wálẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí àwọn Òyìnbó ń lò fún un kò ràn wá lọ́wọ́, nítorí inú èdè Látìnì ni wọ́n ti fà á yọ, ó sì túmọ̀ sí kí iye owó nǹkan já wálẹ̀. Àwọn ará Róòmù tó ni Látìnì gan-an kò sì bèèrè lọ́jà. Fitirúfíọ̀sì, ayàwòrán ilé wọn, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ lórí ilé kíkọ́, ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún méjì sẹ́yìn, bí wọ́n ṣe ń díye lé ògiri tí ilé méjì jọ ní. Bí ó bá jẹ́ ògiri òkúta wẹ́wẹ́, wọ́n á wá iye tí wọ́n fi kọ́ ọ nínú àkọsílẹ̀, wọ́n á sì yọ ìdá kan nínú ọgọ́rin fún ọdún kọ̀ọ̀kan tó ti kọjá, nítorí wọ́n gbà pé irú ògiri bẹ́ẹ̀ kò lè ju ọgọ́rin ọdún lọ. Ògiri bíríkì tó bá ṣì dúró ṣánṣán, wọn kì í yọ nǹkan kan nínú tirẹ̀. Iye tí a rà á, iye ọdún tí yóò lò: ohun méjì náà la ṣì ń wò títí dòní, a kàn fi iye tí a retí láti tà á kún un ni.

Ọjà lè máa lọ sókè kí ìwé máa lọ sílẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023 tí Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà fi náírà sílẹ̀ kí ọjà máa pinnu iye rẹ̀, owó ẹ̀rọ tí a ń kó wọlé láti òkè òkun fò sókè, tòkunbọ̀ náà kò sì gbẹ́yìn. Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan fẹ́ ra ẹ̀rọ oníṣẹ́ Ṣómólú yìí ní iye tó ju mílíọ̀nù mẹ́fà tó rà á lọ ní ìparí ọdún yẹn, nígbà tí ìwé ṣì ń sọ pé mílíọ̀nù mẹ́rin ló kù. Ìwé kò ṣìṣe. Iye ọjà kọ́ ló ń kà, ìpín owó tí a san ní 2022 ló ń kà. Òun náà sì ni kò jẹ́ kí ilẹ̀ ní ìdínkù nínú ìwé, nítorí a kò lè sọ ọdún tí ìlò rẹ̀ yóò parí.

Pípín in dọ́gbadọ́gba lọ́dọọdún kọ́ ni ọ̀nà kan ṣoṣo. Fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, mo fẹ́ràn kí a fi ìtẹ̀ pín in, nítorí iṣẹ́ ló ń jẹ ẹ̀rọ ju ọjọ́ lọ. Bí mẹkáníìkì bá ní ẹ̀rọ yìí á tẹ bébà ní ìgbà mílíọ̀nù mẹ́wàá kó tó kú, mílíọ̀nù márùn-ún náírà tí a ń pín á já sí àádọ́ta kọ́bọ̀ lórí ìtẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kàlẹ́ńdà aláwọ̀ mẹ́rin, 5,000 bébà, lórí ẹ̀rọ tó ń tẹ àwọ̀ kan lẹ́ẹ̀kan: bébà kọ̀ọ̀kan á kọjá nígbà mẹ́rin, ó di ìtẹ̀ 20,000. Ìpín ẹ̀rọ nínú iṣẹ́ náà jẹ́ 10,000 náírà. Oníṣẹ́ tó bá fi owó bébà, íńkì àti dísù nìkan díye lé e, 10,000 yẹn ló fi ta oníbàárà lọ́rẹ.

Àwọn agbowó-orí ìjọba ní tiwọn kì í gba ìdínkù tí oníṣòwò bá fúnra rẹ̀ ṣírò. Wọ́n á dá a padà sórí èrè, wọ́n á wá yọ èyí tí òfin owó-orí là sílẹ̀ fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù tí mo ń bá pàdé ni ti àpapọ̀ ìdínkù. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún ó ti di mílíọ̀nù márùn-ún, ẹni tó ni iṣẹ́ á sì wá bi mí báǹkì tí mo fi í pa mọ́ sí, kó lè fi ra ẹ̀rọ tuntun. Kò sí ní báǹkì kankan. Ohun kan ṣoṣo tí ìdínkù ṣe fún un ni pé kò jẹ́ kó ka mílíọ̀nù kan lọ́dún mọ́ èrè. Bí kò bá ná an, owó náà ṣì wà láàárín owó iṣẹ́, ó lè ti di bébà nínú ilé ìkẹ́rùsí tàbí gbèsè lọ́wọ́ àwọn oníbàárà. Bí ó bá fẹ́ kó jẹ́ owó tó ṣeé kà, àfi kó máa gbé nǹkan bí 83,300 náírà lóṣooṣù sínú àkáǹtì ọ̀tọ̀. Ìyẹn wá jẹ́ owó tó ń ti ibì kan bọ́ sí ibòmíràn gan-an, àkọsílẹ̀ báǹkì á sì fi í hàn. Síbẹ̀ owó 2022 ló ń tò jọ, nígbà tí ẹ̀rọ tó máa rà yóò wà ní iye 2027. Àwọn tí mo mọ̀ tí wọn kò yá owó ra ẹ̀rọ kejì, ohun tí wọ́n ń fi pamọ́ lóṣooṣù ju ìdínkù inú ìwé lọ, wọ́n sì ń bèèrè iye ẹ̀rọ tuntun lọ́dọọdún kí wọ́n tó pinnu èyí tí wọ́n máa fi kún un.